Owó onírin wo ni mo lè fi wọn eyín táyà ní Nàìjíríà?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ̀rólà 2008 ni mo ń wà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń kó àwọn ọmọ láti Ìbàdàn lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, òjò sì ti dé báyìí. Mo rí fídíò kan tí òyìnbó ti ki owó onírin bọ àárín eyín táyà, ó ní tí òun bá lè rí gbogbo orí ẹni tó wà lára owó náà, táyà ti tán nìyẹn. Mo tú gbogbo ilé, kọ́bọ̀ 50 kan ṣoṣo ni mo rí. Ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ náà? Àbí kí n lọ ra géèjì? Fọkanáísà mi ní kò sóhun tó ṣe táyà mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Ọmọ Ṣọ̀ún

Mà, ẹ má wulẹ̀ ra géèjì kankan. Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo èyíkéyìí ní géèjì. Ẹ ní kó wọ̀n ọ́n fún yín, kó fi iye afẹ́fẹ́ tó yẹ sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí táyà tutù kó tó wọ̀n ọ́n o, nítorí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ ṣé, àbúrò mi. Géèjì afẹ́fẹ́ lẹ ń sọ. Èyí tí mò ń bèèrè ni ti eyín táyà, bí ilà ojú rẹ̀ ṣe jìn tó.

Awakọ̀ Òjòó

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń wakọ̀ èrò, n kò fi owó onírin wo táyà rí. Ẹ wo ara táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí eyín ti parí, ẹ máa rí lẹ́tà TWI tàbí àmì kékeré onígun mẹ́ta. Tí ẹ bá gba ibẹ̀ wọ inú ilà, ẹ máa rí rọ́bà kan tó yọ sókè díẹ̀, tó dábùú ilà náà bí ìloro ilẹ̀kùn. Tí eyín bá ti jẹ títí tó fi bá rọ́bà yẹn dọ́gba, ó ti tán. Tí kò bá tíì bá a dọ́gba, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ilà àárín ni kí ẹ wò, ibẹ̀ ni táyà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù gba owó lọ́wọ́ yín.

Àdùkẹ́ Pẹ́kàm

Ogún pẹ́ńsì là ń lò níbí. Ó ní etí fífẹ̀ kan tó yí i ká. Tí ẹ bá kì í bọ ilà tí eyín táyà sì bo gbogbo etí náà, ọkàn yín balẹ̀. Tí ẹ bá rí etí náà, kò túmọ̀ sí pé ẹ ti rú òfin o, ó kàn túmọ̀ sí pé kí ẹ tètè lọ wọ̀n ọ́n dáadáa. Mìlímítà 1.6 ni òfin sọ, ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fífẹ̀ ojú táyà láàárín, yíká gbogbo rẹ̀. Owó ìtanràn lè tó pọ́n-ùn 2,500 lórí táyà kan ṣoṣo, pẹ̀lú máàkì 3 lórí láísẹ́ńsì. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti pá, ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ọmọ Obòkun ní Hiúsítìn

Èyí tó wà nínú fídíò Ìyá Ìbejì, pẹ́nì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ẹ dorí Líńkọ́ọ̀nù kodò sínú ilà. Láti etí owó dé orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2/32 ínṣì, tíí ṣe 1.6 mìlímítà yẹn náà. Èmi kì í lo pẹ́nì mọ́, kọ́tà ni mò ń lò. Ti Wáṣíńtìnì jẹ́ nǹkan bíi 4/32, ìyẹn bíi mìlímítà 3.2. Ní ìlú tí òjò ń rọ̀ bíi tiwa níhìn-ín, tí mo bá dúró de pẹ́nì, mo ti pẹ́ jù.

Bàbá Aláínmẹ̀ǹtì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, aláínmẹ̀ǹtì àti táyà ni mò ń ṣe.

Kọ́bọ̀ 50 yẹn kò lè ràn yín lọ́wọ́. Pẹ́nì wúlò nítorí pé wọ́n ti mọ iye tó wà láàárín etí rẹ̀ àti orí ẹni tó wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti wọn ti kọ́bọ̀ wa fún irú iṣẹ́ yìí, tí ẹ bá kì í bọ ilà, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ ń wò.

Ohun tó wà nílé yín tó sàn jù ú lọ ni ìgbálẹ̀ ẹyọ kan àti rúlà àwọn ìbejì. Ẹ ki ìgbálẹ̀ náà bọ ilà lóòró títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi èékánná mú un níbi tó ti bá ojú eyín dọ́gba, kí ẹ fà á yọ láìjẹ́ kí ọwọ́ yẹ̀. Ẹ wá gbé e lé rúlà. Ẹ má fi orí rúlà bẹ̀rẹ̀, nítorí òmíràn máa ń ní àyè díẹ̀ kí 0 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ sí ojú 1 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ kà á láti ibẹ̀. Ó lè fi ìdajì mìlímítà ṣìnà, ṣùgbọ́n yóò yà èyí tó ní 6 sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ní 2. Ibikíbi tó bá ti sún mọ́ 3, ẹ wá géèjì fún un. Géèjì eyín táyà kò wọ́n, ó dà bíi bírò kékeré tó ní irin tín-ínrín lẹ́nu. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ọkọ̀ ní in. Kí ẹ tó lò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú dígí. Tí kò bá fi 0 hàn lórí dígí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Awakọ̀ Òjòó, òdodo lẹ sọ nípa TWI, ẹ kú orí ire pé ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè gbà pé àárín ni táyà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Àárín máa ń kọ́kọ́ jẹ tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, etí méjèèjì ló ń jẹ. Tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti yà, etí kan ló ń jẹ, lójú ọ̀nà wa yìí tó kún fún kòtò, etí inú ló sì sábà máa ń jẹ́. Ọ̀dọ̀ injinni ni etí inú kọjú sí, ẹni tó bá dúró lóde ọkọ̀ kò lè rí i. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá bá mi tí ìta táyà ṣì dára, tí wáyà sì ti yọ nínú.

Nítorí náà, ibi mẹ́ta ni kí ẹ wọ̀n lórí táyà kọ̀ọ̀kan: ilà ìta, ilà àárín, ilà inú. Ti iwájú, ẹ yí sítíárì dé òpin kí inú rẹ̀ lè yọ síta. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, torí apá tó wà nílẹ̀ kò tíì hàn. Ẹ má gbé ẹnu géèjì lé orí rọ́bà TWI tí Awakọ̀ Òjòó ń sọ, iye tó máa fún yín á kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Iye tó bá kéré jù nínú gbogbo rẹ̀ ni iye táyà yẹn. Ẹ má ṣe pín in dọ́gba.

Awakọ̀ Òjòó

Ọ̀gá, mo gbọ́. Ọkọ̀ èrò tiwa máa ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ torí ẹrù, ó lè jẹ́ ìyẹn ló mú kí n máa rí i pé àárín ló ń jẹ.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Mo ti rí géèjì rà. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, ó fi 0 hàn. Ohun tí mo rí rèé, láti ìta wọnú:

Iwájú òsì: 6, 6, 2
Iwájú ọ̀tún: 6, 6, 4
Ẹ̀yìn òsì: 5, 5, 5
Ẹ̀yìn ọ̀tún: 9, 9, 9

Inú iwájú òsì bà mí lẹ́rù nígbà tí mo rí i, ó ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n 2 ṣì ju 1.6 lọ, àbí? Ti ẹ̀yìn ọ̀tún ló dùn mọ́ mi jù. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ọ̀tún nìkan ni mo rà lọ́tọ̀, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìṣó ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Bàbá Aláínmẹ̀ǹtì

Ẹ dúró ná, mà. Ẹ wo ara géèjì yẹn. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ kà? Ṣé wọ́n kọ 32 sí i níbì kan?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Há. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ 32nds sí ẹ̀gbẹ́ tí mo kà. Wọ́n kọ mm sí èkejì.

Bàbá Aláínmẹ̀ǹtì

Ohun tí mo fura sí nìyẹn, torí 9 mìlímítà pọ̀ jù fún tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ tuntun, nǹkan bíi 8 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ìdá kan nínú 32 ínṣì ni ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kà, ẹ fi 0.8 sọ iye kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, ẹ ó rí i ní mìlímítà. 6 yín di 4.8. 5 di 4. 4 di 3.2. 2 yín tó wà ní inú iwájú òsì di 1.6 gééré. Ojú ààlà ló wà, kò sí ohun kankan lókè rẹ̀ mọ́.

Táyà iwájú òsì yẹn, ẹ má gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, rọ́bà pípá lè di ọ̀nà mú. Nínú òjò, iṣẹ́ ilà wọ̀nyí ni láti gba omi kúrò lábẹ́ táyà. Tí kò bá sí àyè fún omi láti gbà, táyà á gun orí omi, sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, búrékì ò sì ní dá ọkọ̀ dúró níbi tí ẹ rò.

Pé ìta jẹ́ 4.8 tí inú sì jẹ́ 1.6, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀tún náà ti ń tẹ̀ lé e, ó ti bọ́ sí 3.2 nínú. Tí ẹ bá fi táyà tuntun sí i láìṣe aláínmẹ̀ǹtì, bí èyí ṣe jẹ náà ni ìyẹn máa jẹ. Kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mi ẹsẹ̀ iwájú. Tí búṣì tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì bá ti mì, aláínmẹ̀ǹtì tí wọ́n bá ṣe lónìí máa yà lọ́la, owó yín á sì ti lọ.

Ẹ̀yìn ọ̀tún di 7.2. Ìyẹn gan-an ni n kò fẹ́ràn nínú gbogbo rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ti rìn ọdún kan lábẹ́ ọkọ̀ yín, tó tún ní 7.2 níbi gbogbo? Ẹ bá mi wo nǹkan méjì. Ẹ wá TWI ara rẹ̀, kí ẹ wo inú ilà tó kọjú sí i, bóyá rọ́bà tó dábùú yẹn wà níbẹ̀. Kí ẹ sì wo àwọn ilà wẹ́wẹ́ tín-ínrín tó máa ń wà lórí eyín fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn ilà ńlá.

Alájà Táyà, Ládípọ̀

Mo ti mọ ibi tí Bàbá ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí torí èmi náà ń ta tòkunbọ̀. Àwọn kan wà tó ń fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ táyà tó ti jẹ. Wọ́n á tọ ilà àtijọ́, wọ́n á gbẹ́ ẹ wọnú, wọ́n á fi nǹkan dúdú pa á, ẹ ó sì rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun kò rí i rí lọ́jà kò sọ òtítọ́.

Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá òmíràn wà tí wọ́n ṣe fún gbígbẹ́. Wọ́n kọ REGROOVABLE sí i lára, rọ́bà rẹ̀ nípọn nísàlẹ̀ ilà. Ti ọkọ̀ kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tó bo wáyà irin lábẹ́ ilà rẹ̀ kò nípọn rárá.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kà. Tó bá jẹ́ 1517, ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó lè ní eyín tó jìn dáadáa.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Mo ti padà wá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Mo rí TWI ní ibi mẹ́fà lára ẹ̀yìn ọ̀tún. Ní ibi mẹ́rin, kò sí rọ́bà kankan nínú ilà. Ní ibi méjì yòókù, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilà lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé àárín rẹ̀ kọjá. Etí ilà náà kò tọ́, ó fẹ̀ níbì kan, ó há níbì kan. Ilà wẹ́wẹ́ orí eyín kò sí mọ́ rárá, ojú rẹ̀ tẹ́jú. Mo lọ wo ẹ̀yìn òsì láti fi wé e: gbogbo TWI rẹ̀ wà, ilà wẹ́wẹ́ rẹ̀ ṣì hàn.

Géèjì ní 7.2. Òun ni mo ń yọ̀ lé lórí.

Bàbá Aláínmẹ̀ǹtì

Wọ́n gbẹ́ ẹ ni, mà. Ilà wẹ́wẹ́ yẹn kì í jìn tó ilà ńlá, torí náà tí táyà bá jẹ, òun ló ń kọ́kọ́ lọ. Kò sí bí ilà ńlá ṣe máa jẹ́ 7.2 kí ti wẹ́wẹ́ ti parẹ́. Rọ́bà TWI sì ga sókè ìsàlẹ̀ ilà ní 1.6, ọ̀bẹ ẹni tó ń gbẹ́ kò lè yà á sílẹ̀ kó sì gbẹ́ ìyókù ní ìrọ̀rùn. Géèjì kò purọ́, ohun tí wọ́n gbẹ́ ló wọ̀n. Òkúta kékeré tó bá há sínú irú ilà bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà. Omi á wọlé, irin á dípẹtà, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú lórí eré, ojú táyà lè ṣí kúrò lára rẹ̀.

Ẹ yọ ọ́ lónìí. Ẹ fi táyà àfirọ́pò yín sí i, tí ẹ bá ti wo tìyẹn náà.

Ọmọ Ṣọ̀ún

Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín dúró nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́, kí wọ́n má tún lọ tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Mo gbọ́, àbúrò. Mo ti ní kí wọ́n gé e, ojú mi ni wọ́n ṣe é.

Owó mi máa tó ra tuntun méjì lóṣù yìí. Ìwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún ló ń lọ. Ṣé kí n fi tuntun sí ibi tí mo ti yọ ti tẹ́lẹ̀?

Awakọ̀ Òjòó

Iwájú ni kí ẹ kó méjèèjì sí. Iwájú ló ń fa ọkọ̀ yín, òun ló ń yí, òun ló ń gba ọ̀pọ̀ búrékì. Ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Tí táyà iwájú bá bẹ́, ta ló máa di sítíárì mú?

Àdùkẹ́ Pẹ́kàm

Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń sọ fún wa níbí. Nínú omi, tí iwájú bá kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára sítíárì, ẹ ó sì lè gbé ẹsẹ̀ kúrò. Tí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ máa yí po kí ẹ tó mọ̀.

Bàbá Aláínmẹ̀ǹtì

Èmi àti Àdùkẹ́ jọ wà lápá kan. Kí méjèèjì bá ara wọn dọ́gba lórí ẹsẹ̀ kan náà, kí wọ́n wà lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn òsì tó ní 4 níbi gbogbo, ẹ gbé e wá sí iwájú òsì. Iwájú ọ̀tún yín, 4.8 ní ìta tó sì jẹ́ 3.2 nínú, ó lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn aláínmẹ̀ǹtì, ṣùgbọ́n kí ẹ máa wọn inú rẹ̀ ní oṣooṣù. Tó bá ti dé 3 kí òjò tó parí, n kò ní jẹ́ kí ìyàwó mi wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Awakọ̀ Òjòó

Ọ̀gá, a ò ní fohùn ṣọ̀kan lórí ti iwájú àti ẹ̀yìn yìí. Táyà ẹ̀yìn ti bẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mú ọkọ̀ wálẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ti iwájú bẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítòsí Ògèrè, irin àárín títì ló dá mi dúró. Àti pé 3 yẹn, tí mo bá ń pààrọ̀ ní 3, kí ni mo máa mú relé fún àwọn ọmọ? Táyà tó ní 3 ṣì lè rìn fún mi ní oṣù mélòó kan.

Ọmọ Obòkun ní Hiúsítìn

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ń sọ jẹ́ ti táyà tó bẹ́. Ti Àdùkẹ́ jẹ́ ti ọkọ̀ tó yọ̀ nínú omi. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bàbá Aláínmẹ̀ǹtì

Bẹ́ẹ̀ ni. Awakọ̀ Òjòó, n kò lè bá yín jiyàn lórí owó, èmi náà mọ iye tí wọ́n ń ta táyà. Tí ẹ bá fẹ́ lo 3 yẹn parí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì dín eré kù lọ́jọ́ tí òjò bá dé.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi aláínmẹ̀ǹtì dé. Nígbà tí wọ́n mi ẹsẹ̀ iwájú òsì, búṣì apá ìsàlẹ̀ ti jẹ pátápátá. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Tuntun méjì ti wà lẹ́yìn. Mo wọ̀n wọ́n níwájú ẹni tó tà á fún mi, ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ mm sí lọ́tẹ̀ yìí: 8, 8, 8. Mo wo TWI, ó pé. Mo ka DOT rẹ̀ pẹ̀lú, ọdún yìí ni.

Mo wo táyà àfirọ́pò tó wà nínú búùtù pẹ̀lú, Bàbá. 5 níbi gbogbo, TWI rẹ̀ pé, ilà wẹ́wẹ́ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT rẹ̀ ni 4007.

Alájà Táyà, Ládípọ̀

Ọ̀sẹ̀ ogójì ọdún 2007. Èyí tó bá ọkọ̀ yẹn jáde láti ilé iṣẹ́ ni. Ẹ má fi rìn kọjá ibi tí fọkanáísà tó kàn bá wà, mà.